Ta Ló Ń Da Koríko Nínú Màlúù?

Màlúù tó bá ti jẹko yó, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọrùn rẹ̀ á rí nǹkan kan tó ń gòkè bọ̀ lábẹ́ awọ. Bó bá ti dé ẹnu, ẹran náà á rún un ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ìgbà, á gbé e mì, òmíràn á sì gòkè wá. Àpọ̀jẹ là ń pè é, ó sì lè gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́wọ́ màlúù lójúmọ́. Àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, àwọn mìíràn ní oúnjẹ kò tètè dà nínú rẹ̀ ni. Ohun tí èmi rò yàtọ̀. Màlúù fúnra rẹ̀ kò lè da okùn koríko rárá. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ń bá a ṣe é, nítorí tiwọn ni àpò mẹ́rin fi wà nínú rẹ̀, nítorí tiwọn náà ló sì fi ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ẹ wo bẹẹrẹ, koríko tí àwọn baba wa fi ń bo ilé. Òjò a máa rọ̀ lé e lórí lọ́dọọdún, oòrùn a máa pa á, síbẹ̀ kì í tètè jẹrà. Sẹ́lúlósì ló mú un le bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ni wọ́n so pọ̀ di sẹ́lúlósì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti so ṣúgà pọ̀ di ẹ̀kọ inú iṣu, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó yàtọ̀, kò sì sí omi kankan tí ara màlúù tàbí ara ènìyàn ń sun tó lè já ìdè náà. Bakitéríà lè já a. Àwọn kan lára ẹ̀dá aláìfojúrí tó ń lúwẹ̀ẹ́ lè já a, àwọn ẹbí olú kan náà lè já a. Àpò àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbé, èyí tí àwọn alápatà ń tà fún wa ní ṣàkì. Nínú àgbà màlúù, àpò yìí máa ń gbà ju ọgọ́rùn-ún lítà lọ, apá òsì ikùn ló sì gbà tán. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ó sì ń móoru ní nǹkan bí ìwọ̀n 39 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tọ̀sán tòru. Bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò ni koríko ṣe ń kan níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí a jẹ ṣúgà inú koríko, wọn a sì yọ ásíìdì kíkan jáde, ara ṣàkì tó rí wúruwùru bí aṣọ ìnura a fà á mu. Ásíìdì yẹn ló ń fún màlúù ní èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó fi ń rìn, tó fi ń sanra.

Bóyá ẹnìkan á sọ pé eyín ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe àlejò inú ikùn. Ìdánwò kan wà tó tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Àwọn onímọ̀ a máa lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ màlúù, wọn a fi ọmọrí dé e, ojú ọgbẹ́ náà á sì jinná. Wọn a wá wọn koríko gbígbẹ, wọn a fi sínú àpò náílọ́ọ̀nù kékeré tí ojú rẹ̀ wẹ́, wọn a gba ihò náà sọ ọ́ sínú ṣàkì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọn a yọ ọ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sá a, wọn a tún un wọ̀n. Bí koríko náà bá jẹ́ ọ̀dọ́, èyí tó ti lọ nínú rẹ̀ á pọ̀. Eyín kò kan án lẹ́yìn tó wọ inú àpò, ásíìdì ikùn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àpò kejì, tó rí bí afárá oyin, ṣàkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni ìṣó àti wáyà tí màlúù bá gbé mì máa ń há sí, ìyẹn sì léwu nítorí ọkàn kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ní abala bí ìwé, ó ń fa omi kúrò lára oúnjẹ. Ẹ̀kẹrin nìkan ló jọ ikùn tiwa, tó ń sun ásíìdì líle. Níbẹ̀ ni àwọn àlejò tó bá oúnjẹ ṣàn wá ti ń kú, tí màlúù á sì dà wọ́n bí ẹni ń da ẹran. Ọmọ màlúù tuntun jẹ́rìí sí i: àpò kẹrin rẹ̀ ló tóbi jù, wàrà a sì máa gba ojú ọ̀nà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣàkì lọ síbẹ̀ tààrà. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹko ni ṣàkì tó ń dàgbà.

Kí wá ni àpọ̀jẹ ń ṣe? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé ìbẹ̀rù ẹranko búburú ló ń mú màlúù gbé koríko mì wàrà-wàrà, kó lè rún un níbi tó bá fara pamọ́ sí. Òtítọ́ díẹ̀ lè wà níbẹ̀. Àmọ́ màlúù tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nílé, tí kò rí kìnnìún rí, ń jẹ àpọ̀jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni bí wọ́n bá lọ koríko kúnná kí wọ́n tó fún un, àpọ̀jẹ rẹ̀ á dín kù púpọ̀. Koríko gígùn tó léfòó nínú ṣàkì, tó ń ha ògiri rẹ̀, ló ń pè é. Ohun tí kò bá tíì wẹ́ kì í rọrùn fún un láti gba ẹnu àpò kẹta kọjá, bó bá sì ti wẹ́, àwọn àlejò á rí ojú púpọ̀ sí i láti bù jẹ. Nǹkan kejì ni itọ́. Màlúù lè sun itọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lítà lójúmọ́, èyí tó pọ̀ nígbà tó bá ń rún nǹkan. Èròjà inú itọ́ yìí jọ ti kánún, ó sì ń pa kíkan ṣàkì kí ó má bàa pa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Èyí hàn gbangba níbi tí màlúù bá ti já okùn lóru, tó wọ àká, tó sì jẹ àgbàdo lílọ̀ yó. Ẹ̀kọ àgbàdo kan kíákíá, kò sí ohun gígùn tó máa mú un jẹ àpọ̀jẹ, itọ́ dín kù, ásíìdì pọ̀ débi pé àwọn àlejò àtijọ́ kú, ṣàkì sì dákẹ́. Ẹran náà á máa ṣu omi kíkan, kò ní lè dìde mọ́, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àgbàdo kì í ṣe májèlé o. Màlúù tí wọ́n ń bù ú fún díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lè jẹ ẹ́ láìsí ewu, nítorí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti ráyè yí padà.

Wọ́n á ní ẹṣin ń jẹko láìní àpò mẹ́rin. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìn ìfun kékeré ni ilé àwọn àlejò tirẹ̀ wà, nítorí náà bí wọ́n bá kú, inú ìgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn ń bá lọ. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi ń jẹun fún wákàtí púpọ̀, tí okùn koríko sì ń hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ju ti màlúù lọ.

Ètò yìí náà ní ààlà. Bí koríko bá ti gbó, igi inú rẹ̀ á dì mọ́ sẹ́lúlósì débi pé àwọn àlejò kò ní ríbi bù ú jẹ mọ́. Koríko bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ nínú ṣàkì, kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn, nítorí náà màlúù lè rù hangogo lẹ́ẹ̀rùn pẹ̀lú ikùn tó kún. Níwọ̀n bí àpọ̀jẹ ti ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ nínú ṣàkì, ẹni tó bá fẹ́ ra màlúù, kó wo agbo nígbà tí wọ́n bá ń sinmi. Bí àwọn yòókù bá ń jẹ àpọ̀jẹ, tí ọ̀kan kàn pa ẹnu dé títí, kó má san owó rẹ̀.