Omi Inú Táńkì Kò Dé Wọ́ọ̀dù: Ẹ Ṣírò Ohun Tí Páìpù Ń Jẹ

Nílé ìwòsàn tí ọgbà rẹ̀ gbòòrò, táńkì lè wà nítòsí géètì, kí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ sì wà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Táńkì kún dẹ́nu, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí gbogbo èèyàn ń wẹ̀, ńṣe ni ṣáwà òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń kán tó-tó. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n gbé táńkì ga sí i. Páìpù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí omi ṣe ń sáré ló ń ha ara páìpù, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Mítà la fi ń wọn àdánù yìí, bí ìgbà tí wọ́n sọ táńkì kalẹ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ará Amẹ́ríkà méjì, Allen Hazen àti Gardner Williams, ló gbé ìlànà tí a fi ń ṣírò rẹ̀ kalẹ̀:

```
h = 10.67 × L × Q^1.852 / (C^1.852 × d^4.87)
```

h ni mítà tó sọnù, L ni gígùn páìpù ní mítà. Q ni omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní mítà onígun mẹ́ta, d sì ni fífẹ̀ inú páìpù ní mítà. C ń sọ bí inú páìpù ṣe dán tó: rọ́bà tuntun jẹ́ 150, irin tó ti pẹ́ tó sì ti dípẹtà lè jẹ́ 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Ká ní omi inú táńkì fi mítà 15 ga ju ṣáwà lọ, páìpù gùn ní mítà 300, lítà 5 (0.005) sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ìlò pọ̀ jù. Páìpù rọ́bà tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 80 yóò jẹ mítà 3.6. Bó bá jẹ́ irin ògbólógbòó, yóò jẹ 7.6. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá torí owó ra rọ́bà mìlímítà 50, mítà 35.5 ló máa ná omi náà, nígbà tí 15 péré wà nílẹ̀. Lítà 5 kò lè gba ibẹ̀ kọjá láé.

Ẹ so géèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáwà láti mọ bí páìpù yín ṣe rí. Bí wọ́n bá ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, yóò ka nǹkan bíi báà 1.5. Bí lítà 5 bá ń kọjá, páìpù rọ́bà tuntun yẹ kó ka nǹkan bíi 1.1. Bó bá já sí 0.7, inú páìpù ti dípẹtà, tàbí fáàfù kan kò ṣí tán.

Ìlànà yìí kò ka ẹ́líbò àti fáàfù mọ́ ọn, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, ó kéré tán. Omi tútù ló sì wà fún. Kò bá omi gbígbóná tàbí dísùlù mu.

Kí ẹ tó sanwó páìpù, ẹ béèrè fífẹ̀ inú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, torí fífẹ̀ ìta ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rọ́bà.