Sípésà àti Adápútà: Ibi Tí Bóòtù Ti Ń Kúrú, Ibi Tó Ti Ń Gùn Jù

Ẹni tó ní Tòyótà Kòrólà ọdún 2005, irú èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, tó sì rí ríìmù Kámúrì tó wù ú ní ọjà Ládípò, lè rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe ọkọ̀ méjèèjì, bóòtù márùn-ún ló wà lára họ́ọ̀bù, ihò márùn-ún ló wà lára ríìmù. Ìgbà tó bá gbé ríìmù náà síbẹ̀ ni yóò rí i pé kò wọlé. Òbìrí tí bóòtù Kòrólà tò yí ká fẹ̀ ní mìlímítà 100, ti Kámúrì sì fẹ̀ ní mìlímítà 114.3. Ihò ńlá àárín ríìmù pàápàá kò dọ́gba: mìlímítà 54.1 ni ti Kòrólà, 60.1 ni ti Kámúrì.

Ohun tí wọ́n máa ń tà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni adápútà. Ó jẹ́ awo irin tó nípọn, tí a fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ họ́ọ̀bù, tó sì ní bóòtù tirẹ̀ tí ríìmù yóò wọ̀ sí. Sípésà lásán yàtọ̀ sí i. Ìyẹn jẹ́ awo pẹlẹbẹ tí a há sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù kí táyà lè yọ síta díẹ̀, bóòtù ọkọ̀ gan-an ló sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àléébù tí ọ̀kan ń fà jẹ́ òdì kejì ti èkejì: sípésà ń sọ bóòtù di kúkúrú, adápútà sì ń fi hàn pé bóòtù gùn jù.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó di ríìmù mú. Ọ̀pọ̀ gbà pé orí bóòtù ni ọkọ̀ jókòó lé bí aṣọ tí a fi kọ́ ìṣó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá fún nọ́ọ̀tì, bóòtù máa ń nà díẹ̀, bí rọ́bà tí a fà. Bó ṣe fẹ́ padà sí ipò rẹ̀ ló fi ń fún ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù, tí ojú irin méjèèjì fi ń di ara wọn mú tí wọn kò lè yọ̀. Bí ìfúnpọ̀ yẹn bá dín kù, ríìmù yóò máa mì díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí. Yóò máa tẹ bóòtù síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń tẹ wáyà títí tó fi kán. Bóòtù àkọ́kọ́ á já, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí mẹ́rin tó kù, èyí tó tẹ̀ lé e kì í sì í pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo sípésà wàyí. Bóòtù Kòrólà fẹ̀ ní mìlímítà 12, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ń lọ síwájú ní mìlímítà 1.5 fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìlànà táwọn oníṣẹ́ ń lò ni pé kí ibi tí nọ́ọ̀tì ti gbá tírẹ́ẹ̀dì mú gùn, ó kéré tán, tó fífẹ̀ bóòtù náà. Mìlímítà 12 nìyẹn, ìyípo mẹ́jọ gbáko. Ká ní bóòtù yọ ní mìlímítà 30 láti ojú dísìkì bíréèkì, tí ríìmù sì nípọn ní mìlímítà 12 níbi tí nọ́ọ̀tì ti jókòó. Mìlímítà 18 ló kù fún nọ́ọ̀tì. Fi sípésà mìlímítà 5 há a, ó ku 13, ó ṣì tó. Fi ti mìlímítà 10 há a, ó ku 8, ìyẹn ìyípo márùn-ún àti díẹ̀. Nọ́ọ̀tì yóò le lójú ẹni tó ń fún un, ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ gbogbo, ó sì lè bó nígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò.

Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀ kò le. Gbé ríìmù síbẹ̀, fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, máa kà á láti ìgbà tó bá ti mú tírẹ́ẹ̀dì títí yóò fi kan ríìmù. Bí kò bá pé mẹ́jọ, má ṣe wa ọkọ̀ náà.

Bóòtù gígùn ni ojútùú, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. Eyín kéékèèké wà ní ìdí bóòtù tó fi ń há mọ́ họ́ọ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Bó bá kéré, bóòtù yóò máa yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Bó bá tóbi jù, ó lè la họ́ọ̀bù. Òòlù tí àwọn kan fi ń gbá a wọlé máa ń ba bérìn jẹ́. Ohun tó tọ́ ni kí a fi nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà fà á wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí bóòtù bá sì gùn, nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ dí kò yẹ ẹ́ mọ́, nítorí pé orí bóòtù lè kan ìdí ihò nọ́ọ̀tì kí ríìmù tó fún. Yóò dà bíi pé ó le, ríìmù yóò sì máa mì.

Ti adápútà ló máa ń tan èèyàn jù. Bóòtù wa yẹn yọ ní mìlímítà 30. Bí adápútà bá nípọn ní mìlímítà 20, orí bóòtù ọkọ̀ yóò yọ ní mìlímítà 10 kọjá ojú adápútà. Àwọn ríìmù kan ní kòtò tí a gbẹ́ sẹ́yìn, láàárín ihò bóòtù, tí orí bóòtù lè wọ̀ sí. Èyí tí kò ní i yóò jókòó lé orí bóòtù márùn-ún dípò ojú adápútà. Nọ́ọ̀tì yóò le, kò sì ní sí nǹkan tó fún ríìmù mọ́ ibi tó yẹ. Kí a tó fún nọ́ọ̀tì kankan, ẹ fi gírísì pa orí bóòtù, ẹ gbé ríìmù síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì yọ ọ́. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n gírísì lẹ́yìn ríìmù, ó ti kàn án.

Mẹkáníìkì yóò ní kí a gé bóòtù. Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá dá ríìmù àtijọ́ padà, ríìmù yóò gba 12 nínú mìlímítà 20 tó kù, 8 ni yóò ṣẹ́kù, a ó sì ní láti pààrọ̀ bóòtù náà pátápátá. Mo fara mọ́ adápútà tó nípọn tàbí ríìmù tó ní kòtò lẹ́yìn. Adápútà tó nípọn náà ń ti táyà síta, ó ń fi kún ẹrù bérìn, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ bí a bá yí sítíárìn dé òpin.

Kì í ṣe pé ohun wọ̀nyí burú látìbẹ̀rẹ̀. Póṣè fúnra rẹ̀ ń ta sípésà mìlímítà 5 pẹ̀lú bóòtù gígùn tó bá a mu. Ní Jámánì, awo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí kó tó lè wà lára ọkọ̀ lójú pópó. Adápútà tí mo lè gbà láyè ni èyí tó dì mọ́ etí họ́ọ̀bù ní mìlímítà 54.1 nínú, tó sì ní etí tirẹ̀ ní 60.1 fún ríìmù Kámúrì. Kí a fọ ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù, kí a nu gírísì tí a fi dán an wò kúrò, kí a má fi òróró sí tírẹ́ẹ̀dì, kí a sì fi sípánà oníwọ̀n fún un dé Níútọ̀n-mítà 103 tí Tòyótà sọ fún bóòtù Kòrólà. Bí ẹni tó ṣe adápútà bá kọ iye tirẹ̀, èyí ni ká lò fún bóòtù adápútà.

Lẹ́yìn bíi kìlómítà 80, a ó tún fún nọ́ọ̀tì. Níbí ni ti adápútà ti le ju ti sípésà lọ: ẹ̀yìn ríìmù ni nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ họ́ọ̀bù wà, ojú kò rí i, sípánà kò sì dé ibẹ̀ bí a kò bá tú ríìmù. Ẹ ní kí fọ́kanáísà yọ táyà náà pátápátá. Bí ó bá rí ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà yí nọ́ọ̀tì ká, tàbí ihò ríìmù tó ti di gígùn bí ẹyin, tàbí bóòtù tí ibì kan ń dán lára tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ríìmù yẹn ti ń mì fún ìgbà díẹ̀. Bóòtù márààrún, àti adápútà náà, ni yóò jáde.