Kí Káàdì Gíráfíìsì Tó Lè Di Ti Àlejò

Kọ̀ǹpútà kan lè gba òmíràn sínú. Sọ́fúwíà bíi QEMU, pẹ̀lú KVM tó wà nínú Linux, á gé lára agbára pírósésọ̀ àti mẹ́mọ̀rì kọ̀ǹpútà gidi, á fi dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ tó ní Windows tàbí Linux tirẹ̀. Onílé ni kọ̀ǹpútà gidi, àlejò ni ti inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ni àlejò fẹ́ máa tẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi Blender ṣe fíìmù inú rẹ̀, tàbí tó fẹ́ fi PyTorch kọ́ ẹ̀rọ bó ṣe máa dá àwòrán mọ̀, kò ní pẹ́ rí i pé káàdì gíráfíìsì tí wọ́n fún àlejò kì í ṣe káàdì rárá. Sọ́fúwíà ló ń ṣe bí ẹni pé òun ni káàdì, pírósésọ̀ ló sì ń ru gbogbo ẹrù náà.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí onílé yọwọ́ kúrò lórí káàdì gidi pátápátá, kó fà á lé àlejò lọ́wọ́, kí díráfà inú àlejò máa bá káàdì náà ṣe tààrà. Irinṣẹ́ tí Linux ń lò fún un ni VFIO, tó wọ inú Linux 3.6 ní 2012. Àmọ́ ohun tó máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe VFIO. Ohun tí VFIO gbẹ́sẹ̀ lé ni: IOMMU, àti bó ṣe pín àwọn ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́.

Ìṣòro àdírẹ́sì

Káàdì gíráfíìsì kì í dúró de pírósésọ̀ kó tó mú nǹkan nínú mẹ́mọ̀rì. Díráfà á sọ àdírẹ́sì ibi tí dátà wà fún un, káàdì á sì lọ kó o fúnra rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó yára nìyẹn, òun náà ló sì léwu. Àlejò gbà pé láti òdo ni mẹ́mọ̀rì òun ti bẹ̀rẹ̀; kò mọ̀ pé ibòmíràn ni onílé ti gé e fún òun. Bí díráfà inú àlejò bá ní kí káàdì kọ nǹkan sí gígà kejì, gígà kejì ti àlejò ló ní lọ́kàn. Káàdì kò mọ ìyàtọ̀. Gígà kejì nínú mẹ́mọ̀rì gidi ló máa lọ kọ ọ́ sí, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ onílé ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á dàrú. Bó bá sì jẹ́ oníṣẹ́ ibi ló wà nínú àlejò, ó lè fi káàdì yìí ka ohunkóhun tó bá wù ú lára onílé.

IOMMU ló ń dí ihò yìí. Ó wà láàárín mẹ́mọ̀rì àti àwọn ẹ̀rọ bíi káàdì. Àdírẹ́sì yòówù tí káàdì bá dárúkọ, IOMMU á wá a nínú tábìlì tí onílé ti kọ sílẹ̀, á sì darí rẹ̀ sí ibi tó jẹ́ ti àlejò gan-an. Èyí tí kò bá sí nínú tábìlì, kò ní gbà á láyè. VT-d ni Intel ń pe tiwọn, AMD-Vi ni AMD ń pe tiwọn. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ VT-x àti AMD-V, nítorí pírósésọ̀ nìkan ni àwọn yẹn wà fún. Ẹni tó ní wọn láìní IOMMU lè tan àlejò dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè fa káàdì lé e lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fà lé àlejò lọ́wọ́, kì í ṣe káàdì

Ẹ jẹ́ ká mú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó wọ́pọ̀: pírósésọ̀ Ryzen 5 5600G, tó ní gíráfíìsì tirẹ̀ nínú, madabọ́ọ̀dù B550, mẹ́mọ̀rì gígà 32, àti káàdì GeForce RTX 3060. Debian ni onílé ń lò. Gíráfíìsì inú pírósésọ̀ yóò máa gbé sikirínì onílé, RTX 3060 yóò jẹ́ ti àlejò.

Inú BIOS ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. A ó tan `SVM Mode`, a ó sì yí `IOMMU` kúrò ní `Auto` sí `Enabled`. Lórí Intel, `VT-d` ni à ń tàn níbẹ̀, a ó sì tún fi `intel_iommu=on` kún ọ̀rọ̀ tí Linux ń kà nígbà tó bá ń jí. Ti AMD kò nílò àfikún yẹn. Lẹ́yìn náà, a ó bi onílé léèrè bó ṣe pín ẹgbẹ́:

```
find /sys/kernel/iommu_groups/ -type l
```

Bí kò bá dá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà, IOMMU kò tíì tàn nìyẹn. Ká padà sínú BIOS. Ká ní káàdì wà nínú ihò gígùn kejì lórí bọ́ọ̀dù, irú èsì tí a sábà máa ń rí nìyí:

```
/sys/kernel/iommu_groups/8/devices/0000:02:00.0
/sys/kernel/iommu_groups/8/devices/0000:02:00.1
/sys/kernel/iommu_groups/8/devices/0000:05:00.0
/sys/kernel/iommu_groups/8/devices/0000:06:00.0
/sys/kernel/iommu_groups/8/devices/0000:06:00.1
```

Bí a bá fi `lspci -nn` wo àwọn nọ́ńbà yìí, `06:00.0` ni káàdì, `06:00.1` ni apá rẹ̀ tó ń gbé ohùn gba okùn HDMI. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì. Àwọn yòókù ni ìṣòro: `02:00.0` ló ń darí USB, `02:00.1` ló ń darí díìsìkì SATA, `05:00.0` sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn wà.

Kí ló kó wọn pọ̀? Ihò kejì yẹn kò kan pírósésọ̀ tààrà. Ẹ̀yìn ṣípúsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń kó USB, díìsìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ lórí bọ́ọ̀dù, ló wà. Àwọn ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ránṣẹ́ sí ara wọn níbẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ IOMMU kọjá, àyàfi tí ṣípúsẹ́ẹ̀tì bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní ACS, tó máa ń fipá mú kí gbogbo ìránṣẹ́ kọ́kọ́ gba òkè lọ. Níbi tí kò bá ti sí ACS, Linux kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan kò ní fọwọ́ kan nǹkan ẹnì kejì, ló bá kó gbogbo wọn sínú ẹgbẹ́ kan. Ó dà bí yàrá mẹ́rin tí wọ́n jọ ní ilẹ̀kùn ìta kan ṣoṣo: ẹni tí o bá fún ní kọ́kọ́rọ́ ti wọ ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

VFIO kì í pín ẹgbẹ́ sí wẹ́wẹ́. Bí a bá tan àlejò báyìí, QEMU á kọ̀, ohun tí yóò sì kọ sójú sikirínì ni `group 8 is not viable`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan ṣì wà nínú ẹgbẹ́ 8 tó wà lọ́wọ́ díráfà onílé. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, àfi ká yọ díìsìkì, USB àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì onílé náà fún àlejò, onílé fúnra rẹ̀ á wá di aláìní.

Ojútùú rẹ̀ kò ju ká paná, ká yọ káàdì, ká tì í sínú ihò àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ pírósésọ̀ jù. Pírósésọ̀ ló so ihò yẹn mọ́ra tààrà. Lórí irú bọ́ọ̀dù yìí, káàdì àti ohùn rẹ̀ sábà máa ń dá wà nínú ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀. Bí bíríìjì PCI bá yọjú sínú ẹgbẹ́ náà, ká fi í sílẹ̀. Kì í fa ìkọ̀sílẹ̀. Ká tún rí i pé okùn mọ́nítọ̀ onílé wà ní ẹ̀yìn madabọ́ọ̀dù, kì í ṣe lára káàdì, ká sì sọ fún BIOS pé gíráfíìsì inú pírósésọ̀ ni kó kọ́kọ́ lò.

Àwọn kan ń lo àtúnṣe kan tí wọ́n ń pè ní ACS override, tó máa ń pàṣẹ fún Linux pé kó ka ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àtúnṣe yìí kò sí nínú Linux gangan, ó sì nídìí. Kò kọ́ ògiri kankan. Ó kàn sọ pé ògiri wà ni. Ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá nìkan ń lo kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé lè gba ewu náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi àlejò háyà fún àjèjì.

Kí onílé tó gbàgbé káàdì

Ó kù ká rí i pé díráfà onílé kò gbá káàdì mú nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ méjì tí `lspci -nn` fi hàn la ó kọ sínú `/etc/modprobe.d/vfio.conf`:

```
options vfio-pci ids=10de:2504,10de:228e
softdep nouveau pre: vfio-pci
softdep nvidia pre: vfio-pci
softdep snd_hda_intel pre: vfio-pci
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé `vfio-pci` ni kó gba káàdì àti ohùn rẹ̀. Mẹ́ta tó kù ní kí ó ṣáájú àwọn díráfà tó lè jà á gbà. A ó wá fi `update-initramfs -u` tún ohun tí Linux fi ń jí ṣe, a ó pa kọ̀ǹpútà, a ó tún un tàn. Bí `lspci -nnk` bá kọ `Kernel driver in use: vfio-pci` sábẹ́ àwọn méjèèjì, onílé ti yọwọ́. Bó bá ṣì jẹ́ `nouveau` tàbí `snd_hda_intel` ló wà níbẹ̀, kò tíì yọ ọ́.

Nígbà tí a bá ń kọ́ àlejò, q35 la ó yàn fún irú bọ́ọ̀dù rẹ̀, OVMF la ó sì fi ṣe BIOS rẹ̀. Mẹ́mọ̀rì gba ìrònú. Láìsí káàdì, onílé lè ṣèlérí gígà 16 fún àlejò, kó sì máa fún un díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń béèrè. Nígbà tí káàdì bá wọ̀ ọ́, kò ṣeé ṣe mọ́, torí káàdì lè fẹ́ ibikíbi nínú gígà 16 náà nígbàkúgbà. Gbogbo rẹ̀ ni onílé máa yà sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní lè yá a lò títí àlejò yóò fi kú. Nínú gígà 32 wa, 16 ló kù fún onílé. Ẹni tó ní gígà 16 péré, tó sì fún àlejò ní 14, á rí i pé onílé ń mí gúlegúle.

Nínú àlejò Linux, a ó fi díráfà NVIDIA sí i, a ó tẹ `nvidia-smi`. Bó bá dárúkọ RTX 3060 àti gígà 12 rẹ̀, iṣẹ́ ti ṣe. Lórí àlejò Windows, ẹni tó bá rí `Code 43` lójú káàdì, kó kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí díráfà rẹ̀. Àwọn díráfà GeForce àtijọ́ máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fura pé inú àlejò làwọn wà. Láti 465, tó jáde ní 2021, ni NVIDIA ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìyẹn. Àwọn káàdì AMD kan, bíi RX 580, ní àìsàn tiwọn: bí àlejò bá kú, káàdì kì í padà sípò, àfi kí onílé fúnra rẹ̀ kú kó tún jí.

Ta ló yẹ kó ṣe é?

Àlejò kan ṣoṣo ló lè di káàdì yìí mú lẹ́ẹ̀kan náà. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, onílé kò lè lò ó. Ẹni tí onílé rẹ̀ jẹ́ Linux, tó sì jẹ́ pé kíkọ́ ẹ̀rọ nìkan ló fẹ́ ṣe, kò nílò gbogbo ìrìn yìí: Docker àti irinṣẹ́ NVIDIA rẹ̀ máa jẹ́ kí iṣẹ́ mélòó kan jọ lo káàdì kan láìsí àlejò rárá. Ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an ni ẹni tí sọ́fúwíà gíráfíìsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ àfi lórí Windows, tàbí ẹni tó fẹ́ ya iṣẹ́ ẹlòmíràn sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára onílé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó náwó lé káàdì, kó kọ́kọ́ wá bí madabọ́ọ̀dù tó fẹ́ rà ṣe ń pín ẹgbẹ́, ihò sí ihò. Káàdì ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n ṣe so àwọn ihò bọ́ọ̀dù mọ́ra láti ilé iṣẹ́ kò ṣeé tún so.