Onígun Mẹ́ta Àrùn Ọ̀gbìn: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdáhùn Yín Ní

Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ ṣàlàyé onígun mẹ́ta àrùn, ẹ má kàn ya àwòrán kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igun kan ni ọ̀gbìn tó lè gba àrùn, ìkejì ni ohun tó ń fa àrùn, ìkẹta ni ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ tó bá a lára mu. Ohun tó ń mú máàkì wá ni kí ẹ fi hàn pé bí igun kan bá yẹ̀, àrùn kò ní lè jà.

Ẹ fi ẹ̀gẹ́ ṣàpẹẹrẹ, torí àrùn fúngọ́ọ̀sì, ti bakitéríà àti ti fáírọ́ọ̀sì ló ń bá a jà. Bakitéríà kan wà tó máa ń jó ewé ẹ̀gẹ́ lásìkò òjò. Àbàwọ́n tó ní igun máa ń yọ lára ewé bíi pé omi rin ín, ewé á rọ, orí igi á sì kú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àbàwọ́n tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mọ́. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, bakitéríà kan náà ni. Igun ojú ọjọ́ ló yẹ̀. Ṣùgbọ́n bakitéríà ṣì wà nínú igi. Àgbẹ̀ tó bá gé igi yẹn gbìn ti gbin àrùn mọ́ ọn, òjò nìkan ló kù. Ẹni tó gbin igi mímọ́ ti yọ igun ohun tó ń fa àrùn, ẹni tó sì gbin irú ẹ̀gẹ́ tó lè dènà rẹ̀ ti yọ igun ọ̀gbìn.

Báwo la ṣe ń dá irú àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀? Fúngọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ lu ara ewé wọlé. Bakitéríà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ojú ọgbẹ́ tàbí ihò tí ewé fi ń mí ló ń gbà. Ẹ gé igi tó ń ṣàìsàn, kí ẹ ti ojú gígé rẹ̀ bọ inú ife omi mímọ́. Bí ohun funfun bíi omi wàrà bá ń ṣàn jáde bí òwú, bakitéríà ni. Ti fúngọ́ọ̀sì, ẹ fi bébà tútù wé ara ọ̀gbìn tó ń ṣàìsàn sínú nylọ́ọ̀nù fún ọjọ́ méjì, èbu á hù. Etí ọgbẹ́, níbi tí òkú ara ti pàdé ààyè, ni kí ẹ ti gé e. Èbu tó bá hù láti àárín rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó wá jẹ òkú lásán.

Fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí. Inú ara ohun alààyè nìkan ló ti ń bí sí i, kò sì sí oògùn fífọ́n tó ń wò ó. Eṣinṣin funfun àti igi gbígbìn ló ń gbé ti ẹ̀gẹ́ kiri. Ewé á ní àwọ̀ ìyeyè àti ewéko ní abala-abala, á sì lọ́. Ẹ ṣọ́ra: kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ewé mu náà máa ń fi àmì ìyeyè sílẹ̀, ṣùgbọ́n tótòtó ni tirẹ̀, ẹ ó sì rí kòkòrò náà lábẹ́ ewé bí ẹ bá fi awò wò ó.