Nígbà Tí Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ Bá Di Ojú Kámẹ́rà Ààbò

Bí wọ́n bá ti ra tẹlifíṣọ̀n tuntun sí pálọ̀, ti àtijọ́ kì í pẹ́ di ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ onílé àti onísọ́ọ̀bù ló ń gbé irú rẹ̀ lọ sí yàrá máígàádì, kí ó máa fi ohun tí kámẹ́rà ààbò ń rí hàn tọ̀sán-tòru. Ó dára bẹ́ẹ̀, kì í sì í náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wò ó fún wákàtí díẹ̀, tí yóò sì pa á lọ sùn, ni wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n fún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi sọ́ọ̀bù kan tó ní kámẹ́rà mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìnṣì 32 ṣe àpẹẹrẹ. Wáyà àwọn kámẹ́rà ń lọ sínú àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ DVR sí lára. Láti ẹ̀yìn àpótí yìí ni wáyà mìíràn ti máa lọ sí ihò tí wọ́n kọ HDMI sí lára tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ó wá fi rìmóòtù yan HDMI. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì dúdú, tó ń kọ "No Signal", ẹ má tíì sọ pé wáyà ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n 1920x1080 ni àpótí fi ń gbé àwòrán jáde, tí tẹlifíṣọ̀n náà kò sì lè gbà á. Ẹ kọ́kọ́ so àpótí mọ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ sọ ìwọ̀n náà di 1280x720, lẹ́yìn náà kí ẹ dá wáyà padà sára ti àtijọ́.

Àwòrán lè jáde dáadáa, kó sì tún di pé bó bá di òru, ojú tẹlifíṣọ̀n ti kú. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló máa ń pa ara rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan rìmóòtù fún wákàtí mẹ́rin, kí iná má baà ṣòfò. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ wá "Auto Power Off", "Sleep Timer" àti "No Signal Power Off", kí ẹ pa gbogbo wọn. Bó bá tún ń kú, ẹ máa kọ aago tó ń kú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bí iye wákàtí kan náà bá ti pé ló ń kú, ètò kan ṣì wà tí ẹ kò tíì pa. Bí kò bá ní àkókò kan pàtó, tàbí tí iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ pe oníṣẹ́ kó yẹ ibi tí iná ń gbà wọlé nínú rẹ̀ wò.

Ìdánwò tó le jù ni ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí Nẹ́pà bá dá iná padà, àpótí á tan ara rẹ̀, á sì máa gba àwòrán sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, iná pupa kékeré yẹn nìkan ni wọ́n máa ń tàn, wọ́n á máa retí rìmóòtù. Àwọn kan ní "Power On Mode" nínú ètò wọn. Bí tiyín bá ní i, ẹ yan "Last". Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá orí HDMI ló padà sí. Bí kò bá ní i, ọwọ́ máígàádì ni rìmóòtù gbọ́dọ̀ máa wà.

Ẹ tún dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ìlà tó pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin àti aago tó wà lókè kì í kúrò lójú kan, wọ́n sì lè fi àpá sílẹ̀, àgàgà lára tẹlifíṣọ̀n pílásímà. Dídín ìmọ́lẹ̀ kù tún ń dín iná tó ń jẹ kù. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń jẹ 50 wáàtì yóò jẹ yúníìtì kan lé díẹ̀ lójúmọ́, nǹkan bí yúníìtì 36 lóṣù. Àwọn ògbólógbòó kan ń jẹ ìlọ́po méjì èyí. Nítorí náà, ẹ ka iye wáàtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síṣẹ́.

Bí bátìrì ínfátà kò bá lè gbé gbogbo wọn dé òwúrọ̀, tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ pa. Àpótí àti kámẹ́rà ni kí ẹ fi sílẹ̀, nítorí bí olè bá wá, inú àpótí ni àwòrán rẹ̀ máa wà.