Nígbà tí "màá túbọ̀ máa ṣọ́ra" ò tó

Dókítà tó bá ń ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí iṣẹ́ ń kọ́ ọ sílẹ̀, sínú fáìlì orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá rẹ̀ máa yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ kọ kò jìnnà sí èyí, tó jẹ́ àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ fúnra wa:

"Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ le gan-an. Pọtásíọ̀mù bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 14 jẹ́ 6.8. Mo fún wọn ní ìnsúlínì àti gúlúkóòsì, ni wọ́n bá pè mí síbòmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo lọ sílé. Wọ́n ní ṣúgà bàbá já sí 2.9. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ pè mí. Ojú tì mí. Màá túbọ̀ máa ṣọ́ra."

Bí a bá fẹ́ tún un kọ, ohun tó máa kọ́kọ́ kúrò ni Ọjọ́bọ̀ àti bẹ́ẹ̀dì 14. Ìlànà tí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà níbẹ̀ bá àwọn mìíràn gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lè dá aláìsàn mọ̀ nínú irú àkọsílẹ̀ yìí, ó sì tún sọ pé ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n gbé e wá. Àlàyé kíkún nípa ìṣẹ̀lẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ìtọ́jú aláìsàn. Ìtìjú lè dúró, àmọ́ gbólóhùn kan ti tó o.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Kì í ṣe nídìí oògùn, ìtọ́jú náà tọ̀nà. Ẹ̀bi nọ́ọ̀sì náà kọ́, bí òǹkọ̀wé tilẹ̀ fẹ́ fi ọgbọ́n tì í síbẹ̀. Ìgbà tó ń fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́ ni: ó sọ ohun tó ti ṣe, kò sọ ohun tó kù. Ìnsúlínì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí gúlúkóòsì bá ti tán, pàápàá lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára, torí náà ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àkọsílẹ̀ tuntun náà lè lọ báyìí: "Mo tọ́jú àgbàlagbà kan tí pọtásíọ̀mù rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi pé ó ṣì ní láti máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Mo ti mọ̀ pé ewu ìnsúlínì kì í tán nígbà tí mo bá kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìsinsìnyí, àkókò àyẹ̀wò ṣúgà ni màá kọ́kọ́ kọ kí n tó kọ ìnsúlínì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, màá ní kí ọ̀gá mi wá wò mí bí mo ṣe ń fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́, kó sì kọ ohun tó rí."

Ọ̀gá lè yẹ èyí wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó mọ̀ bóyá ó ti ṣe é. Kò sí bó ṣe lè yẹ "màá túbọ̀ máa ṣọ́ra" wò. Bí wọ́ọ̀dù náà ò bá sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ àkókò àyẹ̀wò ṣúgà sí, ìyẹn kì í ṣe ohun tí dókítà kékeré máa gbé sórí ara rẹ̀ nínú ìwé yìí. Inú ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń gbà ló yẹ kó lọ.