Ọjà Tó Kù Sínú Agbọ̀n: Bí A Ṣe Ń Pe Oníbàárà Padà Láìjẹ Èrè Run

Nínú ìtajà orí ayélujára, agbọ̀n àpatì ni agbọ̀n tí oníbàárà ti kó ọjà sí, tó wá kúrò láìsanwó. Àkójọ ìwádìí ilé iṣẹ́ Baymard ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì fi hàn pé nínú agbọ̀n 100, bí 70 ni wọ́n ń pa tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n kàn ń wo ọjà kiri ni. Àmọ́ lára àwọn tó fẹ́ rà lóòótọ́, ohun tó ń lé ènìyàn sá jù ni àfikún owó tó yọjú níparí, pàápàá owó gbígbé ọjà délé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí owó yìí hàn ketekete kí oníbàárà tó dé ibi ìsanwó.

Àwọn tó bá ti lọ ni ilé ìtajà ń fi ímeèlì, iṣẹ́ Wasáàpù tàbí ìpolówó orí Fesibúùkù pè padà. Ìránnilétí àkọ́kọ́ dára láàárín wákàtí kan, torí ọkàn oníbàárà ṣì wà lára ọjà náà, ó sì lè jẹ́ pé káàdì ló kọ̀ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Àwòrán ọjà, iye rẹ̀, ìlujá tó lọ tààrà sí agbọ̀n náà àti ọ̀nà mìíràn láti sanwó ti tó. Èkejì a máa lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan, láti dáhùn iyèméjì: ọjọ́ mélòó ni ọjà yóò fi dé, ṣé wọ́n ń gbà á padà bí kò bá ṣe wẹ́kú? Ẹ̀kẹta lè lọ ní ọjọ́ kẹta, kí ó sì parí síbẹ̀. Fún ọjà olówó ńlá bíi fíríìjì, tí tọkọtaya máa ń jíròrò lé lórí, àlàfo náà gbọ́dọ̀ gùn sí i.

Gbàrà tí oníbàárà bá ti sanwó ni kí orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ẹni tó san ojú owó láàárọ̀, tó wá rí ẹ̀dínwó lórí ọjà kan náà nírọ̀lẹ́, yóò béèrè ìyókù owó rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú ti ọdún 2023 tún fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀nà àtijáde gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi ẹ̀dínwó ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ká ní ilé ìtajà kan ń ta bàtà ní 20,000 náírà. Ó rà á ní 12,000. Páálí, owó ìsanwó àti owó gbígbé rẹ̀ jẹ́ 2,000. Èrè tó kù jẹ́ 6,000. Bí ó bá yọ ìdá 10 nínú 100, 2,000 náírà ló yọ, èrè sì di 4,000. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọjà ló yọ, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta èrè ló lọ. Kí èrè tó lè padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ta bàtà mẹ́ta níbi tó ti ń ta méjì.

Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ó ń rí bẹ́ẹ̀ ni kí a pín àwọn tó pa agbọ̀n tì sí ọ̀nà mẹ́ta láìṣà wọ́n. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò ránṣẹ́ kankan sí ẹgbẹ́ kìíní, síbẹ̀ 70 padà wá rà á fúnra wọn: èrè 420,000 náírà. Ẹgbẹ́ kejì gba ìránnilétí lásán, 120 rà á: èrè 720,000. Ẹgbẹ́ kẹta gba ẹ̀dínwó mọ́ ìránnilétí, 160 rà á: èrè 640,000. Owó tó wọlé látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kẹta ga jù, 2,880,000 sí 2,400,000 ti ẹgbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ dín ní 80,000. Ẹni tó bá ń wo iye tí wọ́n tà nìkan yóò rò pé ẹ̀dínwó ló borí. Ó di ìgbà tí ènìyàn 180 bá rà á kí ó tó bá ìránnilétí lásán dọ́gba.

Ìpalára kejì kì í tètè hàn: oníbàárà máa ń kọ́gbọ́n. Bí ẹ̀dínwó bá ń tẹ̀ lé gbogbo agbọ̀n àpatì, àwọn oníbàárà àtijọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ pa agbọ̀n tì láti dúró dè é. Àmì rẹ̀ ni pé agbọ̀n àpatì ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ti rajà rí, tí iye àwọn tó ń san ojú owó sì ń dín kù.

Ẹ̀dínwó wúlò níbi tí èrè bá nípọn, tàbí lórí ọjà tí àsìkò rẹ̀ fẹ́ kọjá. Bí a bá fẹ́ lò ó, inú ìránnilétí kẹta ni kí ó wà, fún ẹni tí kò rajà rí, pẹ̀lú kóòdù tí ẹnì kan ṣoṣo lè lò lẹ́ẹ̀kan, tó sì ní ọjọ́ ìparí. Fún àwọn yòókù, gbígbé ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá rajà tó iye kan sàn jù, nítorí ó kan ohun tó lé wọn sá gan-an, èrè orí ọjà tí wọ́n bá fi kún agbọ̀n sì lè gbé owó ọkọ̀ náà.